Iye Tí Ó Wà Lábẹ́ Fídíò Péńpé Kì Í Ṣe Iye Olùgbọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti sú mi láti máa dáhùn ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọ̀dọ́ tí ó bá ra gbohùngbohùn, tí ó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pọ́díkáàsì, ni yóò sọ fún mi pé bí òun bá ṣáà ti gé ètò òun sí fídíò péńpé, tí ọ̀kan nínú wọn sì tàn ká, àwọn agbátẹrù yóò máa wá òun wá. Pé fídíò péńpé máa ń tàn ju odindi ètò lọ, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí n kò gbà ni pé iye tí ènìyàn rí lábẹ́ fídíò náà jẹ́ iye olùgbọ́ tí ó ní, tí ó sì lè tà fún oníṣòwò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ń kà. Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2025, kété tí Shorts, èyí tí í ṣe fídíò péńpé ti YouTube, bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré lójú fóònù ènìyàn ni YouTube ti kà á sí ẹyọ kan, bí ẹni náà tilẹ̀ fi ìka sún un kọjá lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá tún ṣeré lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á tún kà á. Iye tí wọ́n fi ń ṣírò owó yàtọ̀, ti àwọn tí ó dúró wò ó ni, òun ni wọ́n ń pè ní "engaged views" nínú YouTube Studio, ó sì máa ń kéré sí ti ìta. Ti ohùn kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìlànà IAB, ẹgbẹ́ àwọn onípolówó orí ayélujára, èyí tí àwọn tí ń polówó nínú pọ́díkáàsì ń tẹ̀lé, ohùn ètò tí ó tó ìṣẹ́jú kan gbọ́dọ̀ dé orí fóònù ẹni náà, kí wọ́n tó kà á, bí fóònù kan náà bá sì gbà á lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí 24, ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ọ̀nà kíkà méjèèjì kò bára mu rárá, ẹni tí ó bá sì ń pè wọ́n ní orúkọ kan náà níwájú agbátẹrù yóò kábàámọ̀ rẹ̀.

N óò fi ètò tiwa ṣàlàyé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣe ètò lórí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan, a gba mẹkáníìkì kan lálejò. Ó sọ bí a ṣe ń mọ̀ pé omi ti wọ inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì: ó ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń gbà bu ọ́ìlì sí, ó fi ìka nu nǹkan kan tí ó funfun, tí ó ki bí ògì, tí ó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí náà, ó ní bí onímọ́tò bá ti rí èyí, kí ó má ṣe tan ẹ́ńjìnì náà mọ́ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá 41 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni a gbé e sí Shorts, ó sì di 212,000. Inú wa dùn gan-an. Nígbà tí ọjọ́ 30 pé, a wo ètò odindi tí a ti gé e: ìgbà 640 ni wọ́n wò ó lórí YouTube, wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù ní ìgbà 180, bí wọ́n ṣe máa ń gbà á kí fídíò náà tó tàn.

Kí ló fà á? Ìbéèrè yìí ni mo ti rò jù lọ, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe náà wà. Fídíò náà ti parí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó wò ó ti mọ ohun tí ó fẹ́ mọ̀, kò sì sí ìdí kankan fún un láti wá gbọ́ ìṣẹ́jú 50 mìíràn. Ẹ̀kejì, a fi líǹkì ètò náà sí abẹ́ fídíò àti sínú ọ̀rọ̀ àwọn olùwò, láìmọ̀ pé láti ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni líǹkì tí a kọ síbẹ̀ lórí Shorts kò ti ṣeé tẹ̀ mọ́. Ọ̀nà tí ó ṣiṣẹ́ ni kí a wọ YouTube Studio, kí a yan odindi ètò náà sí ibi tí wọ́n kọ "Related video" sí, kí orúkọ rẹ̀ lè hàn lójú fídíò. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún fídíò kejì, a sì parí rẹ̀ sí ibi tí mẹkáníìkì náà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun mẹ́ta tí ó yẹ kí onímọ́tò bi oníṣẹ́ kí ó tó sanwó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì. Ìgbà 9,000 péré ni wọ́n wò ó, ṣùgbọ́n ènìyàn 310 ni ó tẹ̀ ẹ́ wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé iye ńlá kò sọ ohun tí a fẹ́ mọ̀.

Agbátẹrù wa ń ta ọ́ìlì mọ́tò nítòsí Tákíè. Kò yẹ kí a fi iye owó fún ẹgbẹ̀rún olùgbọ́ bá a dúnàádúrà, nítorí pé àwa kò tó ìdá márùn-ún ẹgbẹ̀rún kan, owó tí yóò jáde níbẹ̀ kò ní tó owó dátà. A gba ₦30,000 lọ́wọ́ rẹ̀ fún ètò mẹ́rin. Ẹni tí ó bá dé ṣọ́ọ̀bù tí ó sì sọ pé "ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni mo ti wá" yóò rí ₦300 ẹ̀dínwó lórí gálọ́ọ̀nù kan. Alájà náà ń fa ìlà sínú ìwé kékeré, ó sì ń bi olúkúlùkù bóyá odindi ètò ni ó gbọ́ tàbí fídíò ni ó wò. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àwọn 14 ni ó wá. Àwọn 12 gbọ́ odindi ètò, àwọn 2 wo fídíò, bẹ́ẹ̀ sì ni a ti sọ gbólóhùn náà nínú fídíò pẹ̀lú. Láìka ẹ̀dínwó náà, oníbàárà kan ná an ní bíi ₦2,143, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ dára bí ẹni náà bá ra gálọ́ọ̀nù kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n agbátẹrù wa tún san fún ìgbà kejì nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn 12 náà jẹ́ mẹkáníìkì tí ó ń ra páálí.

Owó tí àwọn olùgbọ́ ń dá fún wa náà tẹ̀lé ọ̀nà kan náà. Àwọn 17 ni ó ń fi ₦1,000 ránṣẹ́ lóṣooṣù sí àkáǹtì ètò wa, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kọ́kọ́ rí wa nínú fídíò tí ó tàn yẹn.

N kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ètò rẹ̀ jẹ́ àwàdà lè rí ilé iṣẹ́ tí ó fẹ́ ra fídíò péńpé fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpolówó, ṣùgbọ́n òwò mìíràn nìyẹn, kì í ṣe ti pọ́díkáàsì. Owó YouTube gan-an ṣeé rí níbẹ̀, bí ènìyàn bá lè dé 10,000,000 engaged views láàárín ọjọ́ 90 pẹ̀lú alátẹ̀lé 1,000. Àkókò tí àwọn ènìyàn ń lò lórí Shorts níbi tí wọ́n ti ń sún un kọjá kì í wọ inú wákàtí wíwò 4,000 tí ọ̀nà kejì láti rí owó náà ń béèrè.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí ń ta iye wíwò àti alátẹ̀lé ní WhatsApp. YouTube lè pa wọ́n rẹ́ lọ́jọ́ kan, ó sì lè dí ọ̀nà owó mọ́ ètò náà. Bí ẹ bá sì ń lọ sí ọ̀dọ̀ agbátẹrù, ẹ má ṣe mú àwòrán fídíò tí ó tàn dání. Ẹ mú iye tí wọ́n gba ètò mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn ní ọjọ́ 30 lẹ́yìn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde, kí ẹ sì bi í bóyá yóò gbà láti máa fa ìlà sínú ìwé kékeré kan.