Kíkọ gbogbo ọ̀rọ̀ olùkọ́ sílẹ̀ kò tíì di nóòtì

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé ẹni tó bá fẹ́ ran àwọn tí kò wá sí kíláàsì lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ tẹ́tí sí ohùn tí fóònù gbà sílẹ̀, kó sì kọ gbogbo ohun tí olùkọ́ sọ láì fo ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n rò pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe pé tó ni ẹ̀kọ́ náà yóò ṣe pé tó. Inúure ló ń mú wọn ṣe é, iṣẹ́ tó wà ńbẹ̀ ò sì kéré, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún kì í jèrè rẹ̀.

Olùkọ́ tí kò yára sọ̀rọ̀ jù lè sọ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 130 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá fi ìṣẹ́jú 50 sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ 6,500 nìyẹn. Ẹni tí kò wá lè ka gbogbo rẹ̀ tán kí ohun tó nílò jù má sí níbẹ̀, torí pé fóònù tó gba ohùn kò ríran. Ohun tí olùkọ́ kọ sí pátákó, ibi tó nawọ́ sí, ohun tó nù kúrò, kò sí èyí tó wọnú ohùn.

Ká sọ pé ìpíndọ́gba àti nọ́ńbà àárín ni olùkọ́ ń kọ́ wa. Ó kọ 5, 36, 2, 4, 3 sí pátákó, kò kà wọ́n síta. Ohun tí ẹni tó ń tẹ́tí sí ohùn náà gbọ́ nìyí: “Ẹ ro gbogbo wọn pọ̀, 60. Ẹ pín in sọ́nà márùn-ún, 12.” Akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ ohun tí kò dún ketekete. “Òótọ́ lo sọ, 50 ni, ẹ tún un ṣe. Ó yá, ẹ máa wò mí.” Kẹ́kẹ́ pa fúngbà díẹ̀. “Ṣé ẹ rí i, 4 ló wà láàárín. Èyí tó wà níbí yìí ló gbé ti àkọ́kọ́ lọ sókè.”

Bí a bá kọ ọ́ bó ṣe dún, ẹni tí kò wá yóò bá 12 pàdé, ó sì lè há a sórí, torí olùkọ́ ò padà sọ pé 10 ni ìdáhùn tòótọ́. Kò ní mọ̀ pé “èyí tó wà níbí yìí” ni 36. Àkókò tí kẹ́kẹ́ pa yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ wà: ìgbà yẹn ni olùkọ́ tún nọ́ńbà tò láti èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, 2, 3, 4, 5, 36. Láìtò wọ́n, 2 ló wà láàárín ohun tó wà lára pátákó.

Nítorí náà, mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ohùn náà tán láì dá a dúró, màá kàn kọ àkókò tí ọ̀rọ̀ bá yí padà, bíi 12:40. Bí mo bá gbọ́ “èyí,” “níbí,” tàbí tí ohùn bá dákẹ́, màá fàmì síbẹ̀. Àwọn àmì wọ̀nyí ni màá gbé tọ ẹni tó wà ní kíláàsì tàbí tó ya fọ́tò pátákó. Ẹ̀yìn náà ni màá tó kọ nóòtì: nọ́ńbà márààrún, bí a ṣe tò wọ́n, 50 tí a pín sọ́nà 5 tó di 10, nọ́ńbà àárín tó jẹ́ 4, àti pé 36 nìkan ló mú ìpíndọ́gba ga ju mẹ́rin nínú àwọn nọ́ńbà náà lọ. Àṣìṣe tí olùkọ́ ti tún ṣe kò ní wọ̀ ọ́. Àlàyé tèmi yóò wà nínú àkámọ́, kí wọ́n má baà pè é ní ti olùkọ́. Màá fi àkókò sí ẹ̀gbẹ́ kókó kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí nǹkan ò bá yé lè lọ gbọ́ ibẹ̀ nìkan.

Àwọn ibì kan wà tó yẹ ká kọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: oríkì ọ̀rọ̀ tó pè fún wa láti kọ, àti ìlànà ìṣirò. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ tiwa pààrọ̀ ìwọ̀nyí, ìtumọ̀ lè yẹ̀.

Kí n tó fi nóòtì náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, màá fún ẹnì kan tí kò wá, màá sì ní kó wá nọ́ńbà àárín 7, 1, 90, 4, 8. Bó bá mú 7, ó ti yé e. Bó bá mú 90, mo ti mọ ohun tí mo gbàgbé láti kọ: títò. Bó bá mú 22, ìpíndọ́gba ló ṣe, á jẹ́ pé mi ò tíì ya méjèèjì sọ́tọ̀ dáadáa nínú nóòtì mi.