Pákó ₦8,000 àti pákó ₦9,000: èwo ló wọ́n jù?

Ní ọjà pákó Bódìjà n'Ìbàdàn, kò ṣòro láti rí ìsọ̀ méjì tó kọjú síra wọn tí àwọn méjèèjì ń ta pákó igi afárá. Pákó kan náà ni lórúkọ: 1 báì 12, fíìtì 12 ní gígùn. Ká sọ pé ọ̀kan pe tirẹ̀ ní ₦8,000, èkejì ní ₦9,000. (Iye àfiṣàpẹẹrẹ lèyí o, owó pákó kì í dúró sójú kan.) Káfíńtà tó ń kánjú á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka pákó níbi tó ti gbọ́ ₦8,000. Ó lè tọ̀nà, ó sì lè ṣìnà, nítorí "1 báì 12" orúkọ lásán ni. Igi tó wà nínú pákó náà lèèyàn ń gbé lọ sílé, kúbíìkì mítà la sì fi ń mọ bó ṣe pọ̀ tó.

Kúbíìkì mítà kan ni igi tó lè kún àpótí tí gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan láìsí àlàfo kankan. Téèpù tí wọ́n ń lò lọ́jà ní ínṣì lójú kan, ó ní mílímítà lójú kejì. Ojú mílímítà ni kéèyàn kà fún nínípọn àti ìbú, kó sì ka gígùn ní mítà. Ìṣirò rẹ̀ kò ju èyí lọ:

```
nínípọn (mm) × ìbú (mm) × gígùn (m) ÷ 1,000,000
```

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lórí ìwé ìṣirò inú fóònù lè fi nínípọn sí A2, ìbú sí B2, gígùn sí C2, iye pákó sí D2:

```
=A2*B2*C2*D2/1000000
```

Ohun kan wà nínú 1 báì 12 tí ọ̀pọ̀ kò ṣàkíyèsí. Tó bá pé ní ínṣì 1, tó pé ní ínṣì 12, tí gígùn rẹ̀ pé ní fíìtì 12, kúbíìkì fíìtì kan géérégé ni. Ìyẹn jẹ́ 0.0283 kúbíìkì mítà, torí náà pákó bíi 35 àti díẹ̀ ló máa kún kúbíìkì mítà kan. Iye yìí dára láti há sórí, nítorí òun ló máa ń tú àṣìṣe ìṣirò fó. Bí pákó ínṣì kan bá jáde ní 0.28 lórí fóònù, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti gbàgbé òdo kan níbì kan. Bó bá sì jáde ní 0.0226, kò sí àṣìṣe: pákó náà ló kéré sí orúkọ rẹ̀.

Kí ló fà á tí pákó fi ń kéré sí orúkọ rẹ̀? Ayùn ni. Nígbà tí wọ́n bá ń la igi ní sọ́míìlì, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ á máa sún igi síwájú ní ínṣì kan kan, ìyẹn mílímítà 25. Ṣùgbọ́n eyín ayùn ní ìwọ̀n tirẹ̀ tó ń jẹ, tó ń sọ di ìyẹ̀fun pákó. Bó bá jẹ mílímítà 3, 22 ló kù nínú pákó. Ẹni tó bá fẹ́ kí pákó pé ní 25 gbọ́dọ̀ sún igi ní 28, iye pákó tó máa jáde nínú igi kan náà á sì dín kù. Ìdí nìyí tí pákó tó pé fi máa ń gbówó lórí. Kì í ṣe pé onípákó kan ń rẹ́ni jẹ tí èkejì jẹ́ olóòótọ́. Bí wọ́n ṣe la igi tí kálukú wọn rà ló yàtọ̀. Ojú igi náà tún ń dá kún un: bí igi kò bá tóbi tó, pákó tó wá láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í pé ínṣì 12 ní ìbú.

Wíwọ̀n òkìtì fúnra rẹ̀ gba sùúrù díẹ̀. Orí òkìtì ni pákó tó lẹ́wà jù máa ń wà, torí náà ẹni tó bá wọn ìlà òkè nìkan ti wọn ohun tí wọ́n fẹ́ kó rí. Kó ní kí wọ́n fa díẹ̀ yọ láti àárín àti ìsàlẹ̀. Nínú òkìtì pákó 60, mẹ́wàá tó bá wá láti ibi tó yàtọ̀ síra tó láti mọ nínípọn. Ìbú ní tirẹ̀, ó dára kéèyàn wọn gbogbo rẹ̀, nítorí ojú ló ti hàn, téèpù sì ń sáré lórí rẹ̀. Kó má wọn nínípọn ní orí pákó, níbi tó ti sábà máa ń sán tàbí kó wú. Kó wọlé tó bíi fíìtì kan, kó wọ̀n ọ́n níbẹ̀, kó wọn àárín, kó sì wọn ìhà kejì. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 24, tí òmíràn jẹ́ 19 lórí pákó kan náà, ayùn ló ń ṣe ségesège, èyí sì wọ́pọ̀ nínú pákó tí wọ́n fi ayùn ọlọ́wọ́ là nínú igbó. Bí ẹ̀gbẹ́ pákó bá ṣì ní èèpo, ojú méjèèjì kò ní fẹ̀ bákan náà. Èyí tó kéré ni kó wọ̀n, nítorí káfíńtà máa gé ìyókù sọnù.

Wàyí o, ká wọn òkìtì ₦8,000 náà. Pákó 60 ló wà níbẹ̀. Nínípọn wọn jẹ́ mílímítà 22, gígùn wọn 3.60 mítà, kò pé 3.66 tí fíìtì 12 jẹ́. Pákó 40 fẹ̀ tó mílímítà 290, ogún tó kù kò ju 265 lọ. Ọ̀kan nínú 40 yẹn jẹ́ 22 × 290 × 3.60 ÷ 1,000,000, ìyẹn 0.02297, ní ogójì, 0.919. Ọ̀kan nínú ogún yẹn jẹ́ 0.02099, ní ogún, 0.420. Gbogbo òkìtì náà jẹ́ 1.338 kúbíìkì mítà. Ká ní orúkọ la fi ṣírò rẹ̀ ni, 1.699 là bá kọ sílẹ̀. Èyí tó kù díẹ̀ káàtó jẹ́ bí ìdá kan nínú márùn-ún.

Owó òkìtì náà jẹ́ ₦480,000. Pín in sí 1.338, kúbíìkì mítà kan di nǹkan bí ₦358,700.

Ẹ jẹ́ ká sọdá sí ìsọ̀ kejì. Nínípọn 25, ìbú 300, gígùn 3.65; gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ọ̀kan jẹ́ 0.02738 kúbíìkì mítà. ₦9,000 tá a bá pín sí i fún wa ní nǹkan bí ₦328,700 lórí kúbíìkì mítà kan. Pákó tí wọ́n pè ní owó gọbọi ló rọjú! Ẹni tó bá fẹ́ iye igi kan náà, ìyẹn 1.338, pákó 49 ló máa rà níbí, á san ₦441,000. Ó ti rí ₦39,000 gbà sápò, iye pákó tí ọkọ̀ máa kó pẹ̀lú sì ti dín kù.

Nígbà tí èèyàn bá ti ní iye yìí lọ́wọ́, ọ̀nà ìnájà rẹ̀ á yí padà. Dípò "Alàájà, ẹ dín in kù fún mi," ó lè gbé téèpù sórí pákó, kó ní: "Alàájà, ẹ wò ó, 22 ni èyí, ogún nínú wọn ò sì tó 270. Ẹ gba ₦7,300, á jẹ́ pé owó tèmi àti ti ìsọ̀ iwájú yẹn dọ́gba." Kò ṣàdédé pe iye yẹn. Pákó kan nínú òkìtì náà jẹ́ 0.0223 ní ìpíndọ́gba. Sọ ọ́ di púpọ̀ ní ₦328,700, wàá rí ₦7,330. Alàájà lè kọ̀, ó sì lè ní ìdí. Ṣùgbọ́n orí igi ni ọ̀rọ̀ wọn wà báyìí, kì í ṣe orí ẹ̀bẹ̀.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí kúbíìkì mítà ti lè ṣi èèyàn lọ́nà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìṣirò yìí máa ń subú sí. Ká ní ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ni káfíńtà fẹ́ fi pákó náà ṣe, ó sì máa fá a títí yóò fi di mílímítà 18. Pákó 22 á fún un ní 18. Pákó 25 náà á fún un ní 18. Mílímítà tó lé, ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀rọ ìfági ló máa dà sí. Ó ti sanwó fún èérún igi. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ra nínípọn, ojú pákó ló ń rà, torí náà kó fi ìbú àti gígùn nìkan ṣírò. Pákó ìsọ̀ àkọ́kọ́ ní ojú tó jẹ́ 1.014 mítà onígun mẹ́rin ní ìpíndọ́gba, ìyẹn nǹkan bí ₦7,890 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Ti èkejì jẹ́ 1.095, nǹkan bí ₦8,220. Pákó ₦8,000 ti padà di èyí tó rọjú. Ṣùgbọ́n ibi tó tín-ín-rín jù ló máa sọ bóyá 18 máa jáde. Bí pákó bá rí 19 níbì kan, tó tún ká kò díẹ̀, ẹ̀rọ máa fá a kọjá 18 kó tó tẹ́jú. Ìdí tá a fi ń wọn ibi mẹ́ta nìyẹn.

Ẹni tó fẹ́ fi igi náà ṣe nǹkan tó máa gbé ẹrù, bí ẹsẹ̀ ibùsùn tàbí pákó pẹpẹ ìwé, kó má fi nínípọn ṣeré. Kúbíìkì mítà ni kó tẹ̀ lé.

Àwọn kan máa ń wọn òkìtì látòde: gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀, gíga rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di púpọ̀, ó parí. Ìyẹn lè ṣiṣẹ́ bí pákó bá lẹ̀ mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Bí wọ́n bá fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ya ìlà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gbẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ yẹn náà lèèyàn ń kà mọ́ igi. Níbi tí igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà bá nípọn tó pákó, ìdajì òkìtì ni àlàfo.

Ọ̀rọ̀ omi ló kù. Igi tútù ń sún kì bó ṣe ń gbẹ. Gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀, àmọ́ ìbú pákó tó jẹ́ 300 lè dín bíi sẹ̀ǹtímítà kan kó tó gbẹ tán, nínípọn náà á sì dín díẹ̀. Nítorí náà, òkìtì tútù àti òkìtì gbígbẹ tí wọ́n jọ jẹ́ kúbíìkì mítà kan kò yẹ kí owó wọn dọ́gba. Bí èèyàn bá sanwó lónìí fún pákó tí wọn kò ní kó dé ilé títí oṣù méjì, kó kọ ìwọ̀n náà sínú ríṣíìtì pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n, kó sì kọ "tútù" sí i. Bí ìbú bá wá jẹ́ 290 dípò 300 lọ́jọ́ tí ọkọ̀ já a sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ pé wọ́n pààrọ̀ pákó òun.