Ìdíyelé iléeṣẹ́ nínú ìwé ètò òwò

Ìdíyelé iléeṣẹ́ ni ìṣirò tí olùdásílẹ̀ fi ń sọ iye tí iléeṣẹ́ rẹ̀ tó fún ẹni tó fẹ́ dókòwò síbẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀: ìlọ́po owó ọjà, àti yíyí owó ọjọ́ iwájú padà sí iye tòní.

Ká fi iléeṣẹ́ gààrí kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ta ọjà 80 mílíọ̀nù náírà lọ́dún tó kọjá. Bó bá jẹ́ pé ìlọ́po 1.2 owó ọjà ọdún kan ni wọ́n ń ra irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀, 96 mílíọ̀nù ni tirẹ̀. Bó bá jẹ báńkì ní 16 mílíọ̀nù, 80 mílíọ̀nù ló kù fún àwọn tó ni ín. Ibi tí wọ́n ti mú ìlọ́po náà ni wàhálà máa ń wà. Ẹlòmíì a mú ìlọ́po 6 ti iléeṣẹ́ tó ń ta ètò kọ̀ǹpútà, láì rò ó pé 75 náírà lè ṣẹ́kù fún ìyẹn nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ẹ̀gẹ́, epo àti owó ọkọ̀ kò ní fi ju 25 sílẹ̀ fún onígààrí.

Ọ̀nà kejì gba sùúrù díẹ̀. Náírà tí yóò wọlé lọ́dún mẹ́ta òní kò tó náírà tó wà lọ́wọ́ báyìí, nítorí náà a ó fi ìdá ẹ̀dínwó bù ú kù. Owó tí à ń ṣírò ni èyí tó kù lọ́wọ́ gan-an lẹ́yìn owó orí, ẹ̀rọ tuntun àti ọjà àwìn tí wọn kò tíì san. Ká ní ó jẹ́ mílíọ̀nù 10, 18 àti 30 fún ọdún mẹ́ta. Ní ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún, 7.4, 9.9 àti 12.2 ni wọ́n di lónìí. Bí owó náà bá ń fi ìdá 15 pọ̀ sí i lọ́dọọdún lẹ́yìn ìyẹn, iye gbogbo ọdún tó kù ni:

```
30 × 1.15 ÷ (0.35 − 0.15) = 172.5
172.5 ÷ 1.35³ = 70.1
```

Àpapọ̀ rẹ̀ sún mọ́ 100 mílíọ̀nù, kò sì jìnnà sí 96 ti ọ̀nà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìdá 70 nínú rẹ̀ wá láti àwọn ọdún tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí, ibẹ̀ sì ni olùdókòwò yóò kọ́kọ́ tọ́ka sí.

Ìdá 35 ní ẹsẹ̀ nílẹ̀: ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìdá èlé rẹ̀ dé 27.5, ẹni tó bá sì fi owó sínú gààrí yóò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣìṣe ńlá ni kéèyàn fi ìdá 12 tí wọ́n ń lò fún dọ́là bu owó náírà kù. Bí ìdá 35 bá di 30, iye náà á fò sí bíi 137 mílíọ̀nù. Bí 35 bá dúró tí ìdàgbàsókè 15 sì di 10, á wálẹ̀ sí bíi 83. Gbogbo iye wọ̀nyí ló yẹ kó wà nínú ìwé náà, pẹ̀lú ìdí tí olùdásílẹ̀ fi mú èyí tó mú.