Ojú ìwé mọ́kànlá di àtẹ onílà mẹ́ta: nọ́ńbà wo ni ká kọ?

Ìbéèrè: Ìwádìí mẹ́ta lórí ìdábẹ́ ọkùnrin àti kòkòrò éèdì ni mo kà, mo sì ti kọ ojú ìwé mọ́kànlá lórí wọn. Alábòójútó mi ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ di àtẹ kan ṣoṣo: ọ̀nà, iye ènìyàn, àbájáde. Àmọ́ nínú ìwé kan náà mo ń rí nọ́ńbà méjì fún àbájáde kan. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Èyí tó tẹ̀lé gègé ni kí ẹ mú, kí ẹ sì mú irú kan náà nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìwádìí mẹ́ta tó gbajúmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti Orange Farm ní Gúúsù Áfíríkà, tó jáde ní 2005, àti ti Kisumu ní Kẹ́ńyà pẹ̀lú ti Rakai ní Ùgáńdà, tí méjèèjì jáde ní 2007. Bákan náà ni wọ́n ṣe é. Wọ́n kó ọkùnrin tí kò tíì dábẹ́ jọ, wọ́n ṣẹ́ gègé, wọ́n dábẹ́ fún apá kan lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì ní kí apá kejì dúró dìgbà tí ìwádìí bá parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lóòrèkóòrè. Iṣẹ́ tí gègé ń ṣe ni pé ó ń mú kí apá méjèèjì jọra kí ọ̀bẹ tó kan ẹnikẹ́ni: ọjọ́ orí, ọtí mímu, iye obìnrin tí kálukú ń bá lò, gbogbo rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Àmọ́ ènìyàn kì í ṣe ẹrù. Àwọn kan tí gègé ní kí wọ́n dábẹ́ kò wá. Àwọn kan tí wọ́n ní kí wọ́n dúró lọ dábẹ́ níbòmíràn. Ibí yìí ni nọ́ńbà méjì ti wá. Tí a bá ka kálukú sí apá tí gègé fi í sí, bó wá, bí kò wá, Kisumu fi hàn pé ìdábẹ́ dín kíkó kòkòrò kù ní ìdá 53 nínú 100. Nígbà tí wọ́n ro ti àwọn tí kò tẹ̀lé gègé mọ́ ọn, ó di 60. Ní Rakai, 51 ni ti gègé, 55 ni ti ohun tí kálukú ṣe gan-an. Ní Orange Farm, 60 di 76.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà kejì ló máa ń mú àbájáde wú. Ẹni tó sá fún ọ̀bẹ lè yàtọ̀ sí ẹni tó jókòó dè é nínú ìwà míì tí a kò rí, ìyẹn sì ti ba ìjọra tí gègé fún wa jẹ́. Àṣìṣe tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á mú 76 ti Orange Farm torí pé òun ló kọ́kọ́ rí, á mú 53 ti Kisumu, á wá kọ ọ́ sí ìsọ̀rọ̀ pé ìdábẹ́ ṣiṣẹ́ ní Gúúsù Áfíríkà ju Kẹ́ńyà lọ. Kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ìṣirò méjì ló fi wé ara wọn, kì í ṣe orílẹ̀-èdè méjì.

Ìbéèrè: Iye ènìyàn ńkọ́? Orange Farm kọ 3,274 síbì kan, ó kọ 3,128 síbòmíràn.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni méjèèjì. 3,274 ni àwọn tí wọ́n ṣẹ́ gègé fún. 146 nínú wọn ti ní kòkòrò náà lára lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé, ẹni tó bá sì ti ní in kò lè kó o mọ́, nítorí náà wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú ìṣirò. Ó ku 3,128. Nínú òpó iye ènìyàn, ẹ kọ iye tí wọ́n ṣẹ́ gègé fún, kí ẹ fi iye tí wọ́n ṣírò sábẹ́ rẹ̀ bó bá yàtọ̀. Tí ẹ bá kọ ọ̀kan ṣoṣo láìsọ èyí tó jẹ́, ẹni tó ń kà á lè rò pé ènìyàn 146 ni wọ́n sọnù.

Nọ́ńbà kan wà tó ju iye ènìyàn lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àtẹ kì í ní in: iye àwọn tó kó kòkòrò náà nígbà ìwádìí. Ẹ wò ó nínú àtẹ yìí.

| Ìwádìí | Ọ̀nà | Iye tí wọ́n ṣẹ́ gègé fún | Iye tó kó o: a ní kó dábẹ́ / a ní kó dúró | Ìdínkù (àlàfo ìdánilójú) |
|---|---|---|---|---|
| Orange Farm, 2005 | gègé. Ọdún 18 sí 24. A dá a dúró ṣáájú àkókò | 3,274 (a ṣírò 3,128) | 20 / 49 | 60 (32 sí 76) |
| Kisumu, 2007 | gègé. Ọdún 18 sí 24. A dá a dúró ṣáájú àkókò | 2,784 | 22 / 47 | 53 (22 sí 72) |
| Rakai, 2007 | gègé. Ọdún 15 sí 49. A dá a dúró ṣáájú àkókò | 4,996 | 22 / 45 | 51 (16 sí 72) |

Ẹni tó bá ń wo òpó iye ènìyàn nìkan á sọ pé Rakai ló lágbára jù, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì Kisumu. Ẹ wá ro àwọn tó kó kòkòrò pọ̀: 69 ní Orange Farm, 69 ní Kisumu, 67 ní Rakai. Ìwọ̀n kan náà ni. Àlàfo ìdánilójú sì sọ ohun kan náà. Àlàfo yìí ni ibi tí òótọ́ lè wà, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bó bá ṣe fẹ̀ tó ni àìdánilójú ṣe pọ̀ tó. Ti Rakai, pẹ̀lú gbogbo ènìyàn rẹ̀, ló fẹ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó kó kòkòrò náà ló ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ níbí. Ẹni tí kò kó o ní apá méjèèjì kò sọ púpọ̀ fún wa. Ní Orange Farm, nínú àwọn tí wọ́n ní kó dúró, bí a bá ṣọ́ 100 ọkùnrin fún ọdún kan, nǹkan bíi 2 ló ń kó o. Ní Rakai, níbi tí wọ́n ti gba ọkùnrin títí dé ẹni ọdún 49, 1.33 ni. Kí wọ́n tó rí iye kan náà, àfi kí wọ́n kó ènìyàn púpọ̀ sí i jọ. Tí ẹ bá máa yọ òpó kan kúrò torí àyè, ẹ má yọ èyí.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan: 76 tó wà lókè àlàfo Orange Farm nínú àtẹ kì í ṣe 76 ti ohun tí kálukú ṣe gan-an tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ńbà méjì tó ṣèèṣì bára mu ni, ẹ má jẹ́ kó tàn yín.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bí mo bá da nọ́ńbà kọ?

Ìdáhùn: Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín. Ẹ wá iye tó wà ní apá kọ̀ọ̀kan. Ní Kisumu, 1,391 ni a ní kó dábẹ́, 1,393 ni a ní kó dúró. Ẹ tẹ èyí sínú ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà:

```
=1-(22/1391)/(47/1393)
```

0.53 ló máa gbé jáde, ìyẹn 53 tí wọ́n tẹ̀ jáde gan-an. Rakai jẹ́ 22 nínú 2,474 àti 45 nínú 2,522. Ó fún wa ní 50, wọ́n tẹ 51. Orange Farm jẹ́ 20 nínú 1,546 àti 49 nínú 1,582. Ó fún wa ní 58, wọ́n tẹ 60. Ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ kò burú. Àkókò tí wọ́n fi ṣọ́ kálukú ni àwọn olùṣèwádìí fi ṣírò, tiwa sì jẹ́ orí ènìyàn lásán. Tí tiyín bá fi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ sí tiwọn, ó lè jẹ́ pé ẹ ti gbé apá kan sípò èkejì, tàbí pé àbájáde tí ẹ kọ kì í ṣe ti gègé. Àtẹ tí mo rí tó ní àṣìṣe, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìṣirò ìṣẹ́jú méjì yìí ì bá ti mú un.

Ẹ má ti inú àkópọ̀ tó wà níwájú àpilẹ̀kọ kọ nọ́ńbà. Inú àwòrán tó ń fi bí wọ́n ṣe pín àwọn ènìyàn hàn, àti inú àtẹ àbájáde ni kí ẹ ti mú un, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ojú ìwé sí òpó kan tí ẹ máa yọ kúrò kí ẹ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí alábòójútó bá bi yín pé níbo ni ẹ ti rí 47, ẹ ò ní máa wá a kiri.

Ìbéèrè: Mo tún rí ìwádìí Rakai míì tó ní ọkùnrin 922, tó sọ pé ìdábẹ́ kò dáàbò bo àwọn obìnrin. Ṣé kí n fi ṣe ìlà kẹrin?

Ìdáhùn: Rárá, kì í ṣe nínú àtẹ yìí. Àwọn ọkùnrin 922 yẹn ti ní kòkòrò náà lára. Ìbéèrè ibẹ̀ ni bóyá ìdábẹ́ á dáàbò bo obìnrin tí wọ́n ń bá lò. Ìbéèrè mìíràn ni, òpó àbájáde rẹ̀ kò sì bá ti àwọn tó kù mu. Ẹ ṣe àtẹ kejì fún un, tàbí kí ẹ fi ìpínrọ̀ kan sọ ọ́. Ẹ sì ṣọ́ra fún èyí tó jọ ọ́: ìwádìí Rakai tó wà nínú àtẹ yìí bí àpilẹ̀kọ míì lórí àwọn àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn. Orí àwọn ènìyàn kan náà ni. Tí ẹ bá fi wọ́n ṣe ìlà tuntun, ẹ ti ka ènìyàn kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbéèrè: Kí ni máa wá ṣe sí ojú ìwé mọ́kànlá mi?

Ìdáhùn: Gbogbo gbólóhùn tó ń sọ ohun tí àtẹ ti sọ, ẹ pa á rẹ́. Ó máa ń ku nǹkan bí ojú ìwé méjì, tí yóò sọ ohun tí ìlà kan ṣoṣo kò lè sọ. Ẹ kọ ọ́ pé a dá ìwádìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró ṣáájú àkókò torí pé èrè ti hàn, àti pé ìwádìí tí a bá dá dúró báyìí sábà máa ń jẹ́ kí èrè rí bíi pé ó tóbi ju bó ṣe jẹ́ lọ. Ẹ kọ pé ọ̀dọ́kùnrin àti àgbàlagbà ọkùnrin ni a dábẹ́ fún nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí iṣẹ́ yín bá jẹ́ lórí ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí a ti ń dábẹ́ fún ọmọ ọkùnrin láti ìgbà ọmọ ọwọ́, ó yẹ kí ẹ sọ gbangba pé kò sí èyí tó dán ìyẹn wò nínú wọn.

Ẹ má sì ro 60, 53 àti 51 pọ̀ kí ẹ pín in sí mẹ́ta. Àkójọpọ̀ ìwádìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹgbẹ́ Cochrane tẹ̀ jáde ní 2009 sọ pé ìdínkù náà wà láàárín 38 sí 66 nínú 100 fún oṣù 24. Ẹ fi ìyẹn sí ìsàlẹ̀ àtẹ, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé tiwọn ni.