Òpó àwòrán kì í ṣe gbohùngbohùn òpó ọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n bá ní kó kọ ìwé fídíò alàlàyé fún iléeṣẹ́ ló máa ń gba ọ̀nà kan náà. Wọ́n á kọ gbogbo ohun tí olóhùn máa sọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí ọ̀gá bá ti fọwọ́ sí i, wọ́n á pín ojú ìwé sí òpó méjì, wọ́n á kó ọ̀rọ̀ sí apá ọ̀tún, wọ́n á sì máa wo gbólóhùn kọ̀ọ̀kan láti mọ àwòrán tí wọ́n máa kọ sí apá òsì. Wọ́n gbà pé ohun tí etí ń gbọ́ gan-an ló yẹ kí ojú máa rí, kí òye má bàa sọnù. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ pẹ́, ó sì ná mi ní ọ̀pọ̀ àtúnkọ.

Ẹ jẹ́ ká mú iléeṣẹ́ kan tó ń ta áàpù tí òṣìṣẹ́ fi ń gba owó ìrìnàjò rẹ̀ padà. Ìlà àkọ́kọ́ rí báyìí:

| Àwòrán | Ohùn |
|---|---|
| Òṣìṣẹ́ kan ń kó rìsíìtì jọ. Ó ń kọ fọ́ọ̀mù. Ọ̀gá mẹ́ta ń buwọ́ lù ú. | Lóṣooṣù, òṣìṣẹ́ máa ń kó rìsíìtì jọ, á kọ fọ́ọ̀mù, á sì dúró kí ọ̀gá mẹ́ta buwọ́ lù ú kí owó rẹ̀ tó padà. |

Ẹ fi ọwọ́ bo òpó òsì, kí ẹ ka ọ̀tún. Kò sí ohun tó dín kù. Ẹ wá bo ọ̀tún, kí ẹ ka òsì. Ìtàn kan náà ni. Òpó kan nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó máa ya àwòrán náà ò sì tíì mọ ohun tó máa yà: ibo la dúró sí tí a fi ń wò ó? Kí ló ń yí padà lójú wa? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ? Ìlà náà tí a tún kọ rèé:

| Àwòrán | Ohùn |
|---|---|
| Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, a sún mọ́ ọn. Ó ń kúrò lórí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn, lẹ́ẹ̀mẹta. Kàlẹ́ńdà ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí: 3, 11, 24. | Owó ara rẹ lo fi rin ìrìnàjò iléeṣẹ́. Ìgbà wo ló máa padà? |

Àwòrán ti gba iṣẹ́ ìṣirò ọjọ́ àti ti ìbuwọ́lù, ohùn sì wá ráyè sọ ohun tí àwòrán ò lè sọ, ìyẹn ẹni tí ìyà ń jẹ. Àyè tún ṣẹ́ kù fún ìró òǹtẹ̀ nígbà mẹ́ta. Òpó ohùn ni a ń kọ ìró àti orin abẹ́lẹ̀ sí. Wọn kì í ṣe àwòrán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òpó àwòrán ni mo máa ń bá wọn nínú ìwé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Níbi ọ̀rọ̀ tí a ń kọ sójú sikíríìnì ni ìgbàgbọ́ pé ohun tí etí ń gbọ́ ló yẹ kí ojú máa rí ti ń ṣe ibi jù. Àwọn kan á kó gbogbo gbólóhùn olóhùn síbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán tó ń rìn. Richard Mayer, ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tó ti pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ bí ènìyàn ṣe ń fi àwòrán àti ohùn kọ́ ẹ̀kọ́, rí i pé àwòrán pẹ̀lú ohùn sábà máa ń yé ènìyàn ju àwòrán, ohùn àti ọ̀rọ̀ kíkọ kan náà papọ̀ lọ. Ojú kan náà ló ń ka ọ̀rọ̀ tó tún ń wo àwòrán. Bó bá ń ka ìsàlẹ̀, ohun tó ń lọ lókè á fò ó.

Àmọ́ o, ibì kan wà tí ojú àti etí gbọ́dọ̀ bára mu pátápátá: orúkọ áàpù, àdírẹ́sì ìkànnì, iye owó, àti bọ́tìnì tí a ní kí wọ́n tẹ̀. Bí olóhùn bá ní "tẹ Fi ránṣẹ́", tí bọ́tìnì ojú sikíríìnì sì ń pe ara rẹ̀ ní "Parí", òǹwòran á dúró wá èyí tí wọ́n ń wí. Ọ̀rọ̀ tí a kọ fún adití náà yàtọ̀. Ó yẹ kó wà, àmọ́ fáìlì tirẹ̀ ló ń ní, kì í ṣe iṣẹ́ òpó àwòrán.

Ìlà tuntun ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwòrán bá yí padà, kì í ṣe nígbà tí gbólóhùn bá parí. Nítorí náà gbólóhùn kan lè pín sí ìlà méjì, ìlà kan sì lè ṣófo lápá ohùn fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì kí ojú lè ríran. Ẹ má fi 150 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, tí àwọn tó ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì sábà ń lò, ṣe òdiwọ̀n tiwa, torí ọ̀rọ̀ Yorùbá kúrú. Ẹ fi ẹnu kà á sókè, kí ẹ fi aago wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì kọ iye ìṣẹ́jú-àáyá sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí àwòrán kàlẹ́ńdà yẹn bá nílò ìṣẹ́jú-àáyá 6, tí ohùn sì parí ní 4, ẹ fi méjì tó kù sílẹ̀ fún òǹtẹ̀.