Nọ́ńbà 1:160 kì í ṣe ìwọ̀n táífọ́ọ̀dù tó wà lára yín

"Dókítà, táífọ́ọ̀dù mi tún ti dìde o." Bí ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Abẹ́òkúta ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn, kí n tó fún un ní ìjókòó. Èmi kì í ṣe dókítà, láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n dókítà ni wọ́n ń pe gbogbo wa. Ó kó ìwé èsì mẹ́ta fún mi, tí wọ́n ṣe láàrin oṣù mẹ́ta. Ohun kan náà ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: H 1:160. Ó ti lo Sípírò lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ó lo Sípírò àti abẹ́rẹ́ lẹ́yìn ìkejì, ó sì gba abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún gbáko lẹ́yìn ìkẹta. Ohun tó kó o láyà sókè ni pé pẹ̀lú gbogbo owó tó ná, nọ́ńbà náà ò lọ sílẹ̀.

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Àwọn ènìyàn ti sọ táífọ́ọ̀dù di nǹkan tí a ń wọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹnì kan á ní tòun jẹ́ púlọ́ọ̀sì méjì, ẹlòmíràn á ní tòun ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, kò lè tán mọ́ láé. Ó ń dùn mí, nítorí pé ọwọ́ àwa tí à ń ṣe àyẹ̀wò ni nọ́ńbà náà ti ń jáde, a kì í sì í sọ fún wọn ohun tó jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń rí i. Ní 1896 ni Wídáàlì, dókítà kan ní ilẹ̀ Faransé tí a fi orúkọ rẹ̀ pe àyẹ̀wò yìí, fi hàn pé bí a bá po omi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ìyẹn táífọ́ọ̀dù, ń ṣe mọ́ kòkòrò àrùn náà, àwọn kòkòrò náà á ṣù pọ̀. Ohun tó ń mú wọn ṣù ni èròjà agbèjà tí ara aláìsàn ti pèsè sílẹ̀ dè wọ́n. Lónìí, òkú kòkòrò tí wọ́n ti pa láró la ń lò. Èyí tó ní àwọ̀ búlúù ń wá agbèjà tó dojú kọ ara kòkòrò náà, òun là ń kọ ní O. Èyí tó pupa ń wá agbèjà tó dojú kọ ìrù tí kòkòrò náà fi ń lúwẹ̀ẹ́, òun ni H. A ó kán omi ẹ̀jẹ̀ sójú àwo funfun ní ìwọ̀n tó ń dín kù: 80 máíkírólítà, 40, 20, 10, 5. A ó kán òkú kòkòrò sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó pò wọ́n, a ó sì máa fi àwo náà mì jẹ́ẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ibi tí 10 máíkírólítà wà là ń pè ní 1:160. Bó bá ṣù níbẹ̀, tí kò sì ṣù níbi 5, a ó kọ 1:160 sínú ìwé.

Nítorí náà, agbèjà ni nọ́ńbà yẹn ń kà, kì í ṣe kòkòrò. Ó dà bí ìgbà tí a rí ipa ẹsẹ̀ olè nínú iyẹ̀pẹ̀. Kò sọ bóyá olè náà ṣì wà nínú ilé, tàbí ó ti lọ láti èṣí, tàbí ará ilé tí bàtà wọn jọra ló kọjá.

Àwọn tí bàtà wọn jọra pọ̀. Àwọn kòkòrò mìíràn wà nínú ìdílé Salimonẹ́là, irú èyí tó máa ń wà nínú ẹyin tàbí adìyẹ tí kò jinná, tí ara wọn àti ti kòkòrò táífọ́ọ̀dù jọ ní àmì kan náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára táífọ́ọ̀dù mìíràn lè gbé nọ́ńbà sókè. Ibà ẹ̀fọn náà a máa ta agbèjà jí, ó lè mú kí Wídáàlì ṣù nígbà tí kò sí táífọ́ọ̀dù rárá, ìdí kan sì nìyẹn tí "ibà pẹ̀lú táífọ́ọ̀dù" fi wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí ìwé èsì. Ọwọ́ àwa náà tún lè ṣe é: bí àwo náà bá kọjá ìṣẹ́jú kan títí omi orí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ, á dà bí ohun tó ṣù. Mo ti rí ibi tí ẹ̀kán kan ṣoṣo ti ń jẹ́ gbogbo àyẹ̀wò, tí wọ́n á wá fojú díwọ̀n nọ́ńbà tí wọ́n ó kọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù lọ fún mi nìyí, ẹ bá mi farabalẹ̀ síbẹ̀. Ká ní a ṣe àyẹ̀wò náà dáadáa, 1:160 gan-an ló sì jáde. Ṣé ó pọ̀ ni àbí ó kéré? A ò lè dáhùn àfi tí a bá mọ iye tó wà lára àwọn tí kò ṣàìsàn ní ìlú kan náà. Níbi tí táífọ́ọ̀dù kò ti wọ́pọ̀, ẹni tí ara rẹ̀ le lè má ní rárá. Níbi tí kànga àti ilé ìyàgbẹ́ ti súnmọ́ra, àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè ti máa gbé 1:80 tàbí 1:160 kiri láti ọdún mélòó kan, nítorí pé agbèjà H a máa pẹ́ lára púpọ̀. Ààlà tí láàbù ń lò, inú ìwé tó bá ìgò àyẹ̀wò wá láti òkè òkun ni wọ́n ti rí i. Ẹni tó kọ ìwé náà ò wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìtokò ní Abẹ́òkúta. Láàbù tó ti kó ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìlárùn ní àdúgbò rẹ̀ jọ láti mọ ààlà tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bí kò bá sì sí èyí, mi ò mọ ohun tí nọ́ńbà kan ṣoṣo lè fi yé wa. Ohun tó lè ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀ ni kí a gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì láàrin wọn, kí a rí i pé ó fò sókè ní ìlọ́po mẹ́rin, bíi láti 1:80 sí 1:320. Ta ló ń dúró ṣe ìkejì?

Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ ìyá aláṣọ yìí sójú rẹ̀. Mo bi í pé, "Màmá, ìgbà wo ni ara yín ti gbóná kí ẹ tó lọ ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́?" Ó ní àná ọjọ́ náà ni. Agbèjà táífọ́ọ̀dù kì í sábà jáde tó nǹkan kí ó tó tó ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Agbèjà ọjọ́ kejì yẹn kò lè jẹ́ ti àìsàn tó bẹ̀rẹ̀ lánàá. Mo tún bi í ìgbà tí ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ kejì tó lo oògùn, oògùn ibà sì wà lára ohun tí wọ́n fún un ní kẹ́míìsì.

Ibà jẹ̀funjẹ̀fun kì í yára báyẹn. Orúkọ rẹ̀ sọ ibi tó ń ṣiṣẹ́ sí. Kòkòrò náà á gba inú oúnjẹ tàbí omi wọlé, á fara pamọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí gbóná díẹ̀díẹ̀, tòní á ju tàná lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, orí fífọ́ àti ooru ara kì í lọ mọ́, ikùn á wú, òye aláìsàn lè máa ra. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ewu ńlá wà: àwọn kókó kéékèèké tó wà lára ìfun kékeré, níbi òpin rẹ̀, á di egbò, ìfun lè ṣẹ̀jẹ̀ tàbí kó lu. Kódà pẹ̀lú oògùn tó bá a mu, ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ara tó tutù. Àìsàn tí ó bẹ̀rẹ̀ lánàá, tó sì tán lọ́tùn-únla, ó jọ ibà ẹ̀fọn sí mi ju táífọ́ọ̀dù lọ. Mi ò lè búra. Kò sẹ́ni tó gbin ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó gbé oògùn mì.

Gbígbin ẹ̀jẹ̀ ni àyẹ̀wò tó ń wá olè fúnra rẹ̀. A ó fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tó ní omi oúnjẹ kòkòrò, a ó gbé e sínú àpótí olóoru, a ó sì máa ṣọ́ ọ títí di ọjọ́ márùn-ún sí méje. Òun ló tún jẹ́ ká mọ oògùn tó lè pa ohun tó bá hù. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé òun náà pé. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó ní táífọ́ọ̀dù lóòótọ́, nǹkan bí mẹ́fà ló máa ń rí. Ìdí rẹ̀ ni pé kòkòrò náà kéré nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè má tó ẹyọ kan nínú mílílítà kan, nítorí pé inú mùdùnmúdùn egungun, ẹ̀dọ̀ àti ìfun ló fi ṣe ilé. Bí a bá fa mílílítà méjì lára àgbàlagbà, ó ṣeé ṣe kí ìgò náà ṣófo láìjẹ́ pé ara rẹ̀ ṣófo. Mílílítà mẹ́wàá ló yẹ, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí oògùn apakòkòrò tó kan ẹnu. Mùdùnmúdùn egungun ń mú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n lílu egungun ènìyàn ń roni, kì í ṣe ohun tí à ń ṣe fún gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ gbóná. Èsì tó sọ pé nǹkan kan ò hù kò dá táífọ́ọ̀dù láre tán. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi dá dókítà lẹ́bi tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú fún ẹni tí ara rẹ̀ ti gbóná fún ọjọ́ mẹ́wàá, tí ikùn rẹ̀ wú, tí àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn kò sì rí nǹkan kan.

Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí a máa fi oògùn lé nọ́ńbà. Agbèjà ìyá yìí kò ní tìtorí Sípírò lọ sílẹ̀, Sípírò kì í pa agbèjà. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó lo ó, àwọn kòkòrò tí ń gbé inú ìfun rẹ̀ jẹ́jẹ́ ló ń kẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń yè é, àwọn yìí kan náà ló sì lè fa àrùn ilé ìtọ̀ lọ́la tí oògùn náà ò ní ràn. Ti kòkòrò táífọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ti pẹ́. Kilorafẹ́níkọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ kápá rẹ̀, láti 1948. Nígbà tó di 1972, ó ti bẹ́ sílẹ̀ ní Mẹ́síkò ní irú tí oògùn náà kò ràn mọ́. Lẹ́yìn náà ni ampisílíìnì àti Sẹ́pítírìnì náà tẹ̀ lé e, àwọn dókítà sì sá di Sípírò. Ìyípadà kékeré kan ṣoṣo nínú kòkòrò náà tó láti sọ Sípírò di aláìlágbára, àwọn bẹ́ẹ̀ sì ti wà lára àwọn tí wọ́n rí ní Nàìjíríà. Ní ẹkùn Síńdì ní Pakisitánì, láti 2016, irú kan ti wà tí abẹ́rẹ́ sẹfitiráásónì pàápàá kò ràn mọ́. Oògùn oníhóró tó ṣẹ́kù fún wọn níbẹ̀ ò ju asitiromaisíìnì lọ.

Nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, kó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn, kó sì béèrè pé kí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ òun kí òun tó gba oògùn apakòkòrò kankan. Ẹni tó ti ń ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ikùn rẹ̀ wá le gbagidi tàbí tó ń yàgbẹ́ dúdú, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Kí ẹni tó ti gbádùn má sì padà wá ṣe Wídáàlì láti mọ̀ bóyá ó ti tán.

Mo sọ gbogbo èyí fún màmá náà. Ó wo ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní, "Bí mo bá wá ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀, tó ṣì jẹ́ 1:160 ńkọ́?" Mo ní ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀, bí ara wọn bá sì le, kò sí oògùn tí mo fẹ́ kí wọ́n lò sí i.