Lọ́ọ̀kì onífóònù àbí onínọ́ńbà, nílé àyágbé tí iná kì í dúró

Ìbéèrè: Fúláàtì yàrá méjì ni mo yá n'Íbàdàn. Iná máa ń wá bíi wákàtí mẹ́fà lóòjọ́. Mo fẹ́ pààrọ̀ lọ́ọ̀kì ilẹ̀kùn àbáwọlé. Ṣé èyí tí wọ́n ń fi fóònù ṣí ni kí n rà, àbí èyí tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà sí? Ẹ̀rù ń bà mí kí iná má lọ, kí ilẹ̀kùn wá tì mọ́ mi síta.

Ìdáhùn: Ẹ ra onínọ́ńbà, kí ẹ sì rí i pé ojú ihò kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀. Ní ti ẹ̀rù yẹn, iná tó lọ kọ́ ló máa tì yín síta. Bátìrì ni oríṣi méjèèjì ń lò, AA mẹ́rin ló sì wọ́pọ̀ jù. Ráútà tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì nílé ni iná tó lọ máa ń pa.

Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Lọ́ọ̀kì onífóònù tó ń lo Wáífáì gbọ́dọ̀ máa bá ráútà sọ̀rọ̀. Bí iná bá lọ tí ráútà kú, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri, ìgbàkígbà tó bá sì wá a ló ń jẹ lára bátìrì. Nílé tí iná kì í sí fún wákàtí méjìdínlógún lóòjọ́, bátìrì náà kò ní pẹ́ tó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí. Onínọ́ńbà kì í wá ẹnikẹ́ni. Ó ń sùn títí ẹ ó fi fọwọ́ kàn án, bátìrì tó dáa sì lè gbé e tó ọdún kan.

Ìbéèrè: Àmọ́ mo fẹ́ lè ṣílẹ̀kùn fún àbúrò mi láti ibi iṣẹ́.

Ìdáhùn: Bí ráútà bá ti kú, fóònù tó wà níbi iṣẹ́ kò lè ṣe é. Bulutúùtù lè ṣí i, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn nìkan nìyẹn wúlò fún. Ẹ lè ra yúpíẹ́ẹ̀sì kékeré, ìyẹn àpótí bátìrì tí yóò máa fún ráútà níná bí iná bá lọ. Ká ní wọ́n kọ 32Wh, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè tọ́jú, sára rẹ̀, tí ráútà sì ń jẹ wáàtì mẹ́fà. Díẹ̀ á ṣòfò, ó kù bíi 27. Ẹ fi mẹ́fà pín in, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ló máa gbé. Bí iná bá lọ láàárọ̀ tí kò sì dé títí ilẹ̀ fi ṣú, ọ̀sán ni yóò ti kú. Lórí onínọ́ńbà, ẹ kàn ṣe nọ́ńbà ọ̀tọ̀ fún àbúrò yín, ẹ pè é fún un lórí fóònù, ẹ sì pa á rẹ́ bó bá lọ tán. Nọ́ńbà tó bá lọ́ọ̀kì wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é náà, ẹ fi tiyín pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé lọ́ọ̀kì sí.

Ìbéèrè: Bátìrì ńkọ́, tó bá kú lóru?

Ìdáhùn: Kì í kàn kú lójijì. Yóò ti máa tan iná pupa tàbí kó máa dún ṣáájú. Bó bá kú síbẹ̀, ẹ lo kọ́kọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ tún ní ojú irin kékeré méjì nísàlẹ̀ ibi nọ́ńbà: ẹ fi orí bátìrì onígun 9V kàn wọ́n, ẹ má gbé e kúrò, kí ẹ tẹ nọ́ńbà yín. Bí kò bá dáhùn, ẹ yí orí bátìrì náà padà. Kò ní ṣáàjì bátìrì inú lọ́ọ̀kì o, ilẹ̀kùn nìkan ló máa ṣí. Ọ̀dọ̀ ará ilé kejì ni kí bátìrì yìí àti kọ́kọ́rọ́ kan wà. Ẹni tó fi wọ́n sínú fúláàtì ti fi wọ́n sí ibi tí kò lè dé.

Bí ẹ bá ń ra bátìrì AA tó ń wọ inú lọ́ọ̀kì, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ ALKALINE sí lára. Èyí tí wọ́n kọ HEAVY DUTY sí, tó kún ọjà nítorí owó pọ́ọ́kú, kì í lágbára tó láti yí mọ́tò fún ìgbà pípẹ́. Bátìrì tí à ń ṣáàjì náà kò dára síbẹ̀: 1.2V ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe 1.5V, kì í sì í jẹ́ kí lọ́ọ̀kì mọ ìgbà tó yẹ kó kìlọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ó máa wọ ilẹ̀kùn mi?

Ìdáhùn: Ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó. Èyí tó wọ́pọ̀ ń fẹ́ ihò róbótó tó fẹ̀ tó mìlímítà 54. Àárín ihò náà gbọ́dọ̀ jìnnà sí etí ilẹ̀kùn ní mìlímítà 60 tàbí 70, kí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ sì nípọn láàárín 35 sí 45. Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn onírin, tí lọ́ọ̀kì gígùn bí àpótí sì wà nínú etí rẹ̀, èyí kò ní wọ̀ ọ́. Ẹ wá onínọ́ńbà tí wọ́n ṣe fún irú àpótí bẹ́ẹ̀. Bó bá gba lílu ihò tuntun, ẹ gbàṣẹ onílé lákọsílẹ̀. Ẹ di lọ́ọ̀kì àtijọ́ àti gbogbo ìdè rẹ̀ sínú ọ̀rá, torí ẹ máa dá a padà lọ́jọ́ tí ẹ bá kó jáde.

Ohun tó ń pa bátìrì tí àwọn tó ń gbé lọ́ọ̀kì sí ilẹ̀kùn kì í sábà wò ni ahọ́n lọ́ọ̀kì tó ń ha férémù. Ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, ẹ ní kí lọ́ọ̀kì tì, ẹ gbọ́ ìró mọ́tò. Ẹ wá pa ilẹ̀kùn dé, kí ẹ tún un ṣe. Bí ìró kejì bá wúwo, tàbí tó di dandan kí ẹ fa ilẹ̀kùn mọ́ra kó tó tì, kí káfíńtà fi fáìlì fẹ ihò tó wà lára páànù férémù díẹ̀. Ilẹ̀kùn pákó máa ń wú lásìkò òjò, nítorí náà ẹ tún ìdánwò yìí ṣe ní oṣù kẹfà.